Oorun Ọ̀sán fún Ẹni tó ń Ṣiṣẹ́ Òru: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn ọlọ́dẹ, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ òru máa ń béèrè lemọ́lemọ́ la kó jọ síbí. Ẹni tó bá ní àìsàn tó ń lo oògùn sí, kó kọ́kọ́ ka ibi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kó tó yí ohunkóhun padà.

Kí ló dé tí mo fi ń jí lẹ́yìn wákàtí 4 tàbí 5 lọ́sàn-án, nígbà tó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu?

Ohun méjì ló ń gbé èèyàn sùn. Àkọ́kọ́ ni àárẹ̀: bí a bá ṣe pẹ́ lójúfò tó, bẹ́ẹ̀ ni oorun ṣe máa ń wúwo lójú wa tó. Ìkejì ni aago ara, tó wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti gba ara wọn kọjá. Aago yìí ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú tàbí pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí alẹ́ bá ti ń lẹ́, ọpọlọ á tú èròjà kan tó ń jẹ́ melatonínì sínú ẹ̀jẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀, oorun á sì dé. Nǹkan bí aago 4 sí 5 ìdájí ni ara máa ń tutù jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́dẹ èyíkéyìí, á sọ fún yín pé àkókò yẹn gan-an ni oorun ń kun òun jù lọ.

Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago 8 àárọ̀ ti ní àárẹ̀ tó pọ̀, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń tètè gbé e. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí 4, púpọ̀ nínú àárẹ̀ yẹn ti lọ, aago ara sì ń pariwo pé ọ̀sán gangan ni. Ara ti ń gbóná, melatonínì kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò wá sí ohun tó lè dá èèyàn dúró sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwà tàbí ti àìlera. Ní 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nòbẹ́ẹ̀lì nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara ohun ẹlẹ́mìí.

Wákàtí mélòó gan-an ló yẹ kí n sùn?

Wákàtí 7 sí 9 láàárín wákàtí 24, bíi ti àgbàlagbà yòókù. Iṣẹ́ òru kò dín ohun tí ara nílò kù. Ẹni tó ń sọ pé wákàtí 4 ti tó òun, pé ó ti mọ́ òun lára, kò lè fi ìmọ̀lára ara rẹ̀ wọn ìyẹn dáadáa, torí pé ojú máa ń mọ́ oorun díẹ̀ lára kí ọpọlọ tó mọ́ ọn. Àṣìṣe á máa pọ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́, ẹni náà á sì máa rò pé ara òun dá pé.

Ṣé kí n sùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, àbí kí n pín oorun náà sí méjì?

Ẹ pín in. Ìdáhùn yìí máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n gbà pé oorun tó dára ni èyí tí a sùn látòkèdélẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilẹ̀ wa, oorun ẹ̀ẹ̀mejì ló bá ara mu jù: èyí tó pọ̀ ní kété tí ẹ bá délé, wákàtí 5 tàbí 5 ààbọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tún sùn fún wákàtí kan àbọ̀ sí méjì nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó padà síbi iṣẹ́.

Yàtọ̀ sí ti aago ara, ooru náà wà níbẹ̀. Yàrá tó wà lábẹ́ páànù máa ń gbóná bí iná láti aago 1 ọ̀sán títí di aago 4, pàápàá láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá tí oorun fi máa dùn níbẹ̀ ní àkókò yẹn. Ẹ jẹ́ kí púpọ̀ nínú oorun ńlá parí kí ooru tó dé, kí oorun kékeré sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Oorun ìrọ̀lẹ́ yìí tún ní àǹfààní tirẹ̀: òun ló sún mọ́ iṣẹ́ jù, nítorí náà òun ló ń dín oorun ìdájí kù.

Ohun tí kò dára ni kí ẹ máa sùn ní ṣíṣẹ́-ṣíṣẹ́, ìṣẹ́jú 40 níhìn-ín, wákàtí kan lọ́hùn-ún, láàárín àlejò àti ìpè fóònù. Ó kéré tán, kí oorun kan nínú méjèèjì gùn ju wákàtí 4 lọ láìdáwọ́ dúró.

Kí ni ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń ṣe fún mi bí mo bá ń darí sílé?

Òun ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ẹ kò fura sí. Ojú ni aago ara fi ń mọ àkókò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ojú lálẹ́, kí ara tó tutù dé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìdájí, ń sún aago náà síwájú, kí oorun lè pẹ́ dé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, ń fà á padà, á máa sọ fún ara pé ojúmọ́ ti mọ́, kó múra. Ẹni tó fi wákàtí kan dúró sí ibùdókọ̀ ní aago 8 pẹ̀lú oòrùn lójú ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oorun lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe kò wọ́n. Ẹ wọ awò dúdú àti fìlà tó ní etí láti ìgbà tí ẹ bá ti jáde ní ọgbà ibi iṣẹ́ títí ẹ ó fi wọ yàrá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, tí ojú yín sì ti ń pa dé, ẹ má wọ awò dúdú yẹn: ẹ̀mí ṣáájú oorun. Lóru, níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa títí di nǹkan bí aago 3, lẹ́yìn náà kí ẹ dín in kù bí iṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó àti Ìbàdàn, oòrùn kì í tètè yọ ju nǹkan bí aago 6 ààbọ̀ lọ, kì í sì í pẹ́ ju aago 7 lọ púpọ̀, yípo ọdún. Ọlọ́dẹ tó ń parí iṣẹ́ ní aago 6 ní àǹfààní ńlá níbẹ̀, bó bá lè kúrò lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa ń jókòó sẹ́nu géètì tàbí nídìí alákàrà, tí ọ̀rọ̀ á gbé wọn dé aago 8. Ìtàkúrọ̀sọ yẹn dára, ṣùgbọ́n lábẹ́ òrùlé ni kó ti wáyé.

Inú ilé ayálégbé, tí gbogbo èèyàn ń jókòó ní kọ́rídọ̀, ni mò ń gbé. Báwo ni yàrá ṣe lè ṣókùnkùn, kó sì parọ́rọ́?

Òkùnkùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí òun lẹ lè rí. Páálí tí ẹ gé sí ìwọ̀n fèrèsé, tí ẹ lè fi síbẹ̀ tí ẹ bá dé, tí ẹ sì lè yọ kúrò lọ́sàn-án kí atẹ́gùn lè wọlé, ń ṣiṣẹ́ ju kọ́tìnnì olówó ńlá lọ. Bí páálí bá dí atẹ́gùn, ẹ fi ìborùn dúdú tí ẹ ká sí mẹ́rin bo ojú, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: bí ẹ bá na ọwọ́ síwájú ojú tí ẹ sì ń rí ìka yín kedere, ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀.

Ariwo kò ṣeé pa pátápátá. Ohun tó ń jí èèyàn ni ariwo tó bá ṣàdédé dún, bíi géètì, ẹkún ọmọ àti mẹ́gáfóònù. Ohùn kan tó ń dún bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin máa ń bo irú ariwo bẹ́ẹ̀. Fáànù ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ń tu ara nínú lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù oníbátìrì tó ṣeé ṣáàjì dára ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, bákónì tàbí ìdí fèrèsé kí ẹ lè rí sùn. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró kan tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tó sì ń pa ẹni tó sùn láìjẹ́ kó jí.

Ẹ bá ará ilé sọ̀rọ̀ kí wàhálà tó dé. Ẹ fi àkókò hàn wọ́n: láti aago 9 sí aago 2, kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn àyàfi fún ohun pàjáwìrì. Ẹ pa ohùn fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo lè wọlé, bíi ti ọkọ, aya tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ á máa la ojú wo fóònù ní gbogbo wákàtí.

Obì àti kọfí ló ń gbé mi dé òwúrọ̀. Ṣé ó burú?

Kò burú, àkókò ló ń bà á jẹ́. Ohun tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì àti nínú ọ̀pọ̀ ohun mímu agóló tí wọ́n ń tà fún agbára: kafiíìnì. Ó ń dínà mọ́ ìmọ̀lára àárẹ̀ nínú ọpọlọ, kì í sì í tètè kúrò lára. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára aboyún àti obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró.

Bí ẹ bá fẹ́ sùn ní aago 9 àárọ̀, kí obì tàbí kọfí ìkẹyìn má kọjá aago 2 òru. Ẹ mú un ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, dípò kí ẹ jẹ odindi obì lẹ́ẹ̀kan nígbà tí oorun bá ti kun yín ní aago 5. Ti aago 5 yẹn ló máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ tí ọkàn wọn ń lù kìkì, tí ojú wọn sì là sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé mo lè rẹjú lẹ́nu iṣẹ́?

Bí òfin ibi iṣẹ́ yín bá gbà á, tí ẹnìkejì sì wà lójúfò láti dípò yín, bẹ́ẹ̀ ni, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló dára jù. Ẹ fi aago sí fóònù kí ẹ tó dijú. Bó bá gùn dé ìṣẹ́jú 45 tàbí wákàtí kan, ẹ ó ti wọ inú oorun àsùnwọra, ẹni tí wọ́n bá sì jí níbẹ̀ máa ń dà bí ẹni tí ọtí ń pa fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá jí bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọn oògùn tàbí gún abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kó bọ́jú, kó rìn fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán.

Ọlọ́dẹ tó dá wà nìkan kò ní àǹfààní yìí. Tirẹ̀ ni oorun ìrọ̀lẹ́ kó tó kúrò nílé, kò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣeré.

Kí ni kí n jẹ?

Ẹ jẹ oúnjẹ gidi kí ẹ tó lọ, ní aago 6 tàbí 7 alẹ́. Inú kì í da oúnjẹ dáadáa láàárín ọ̀gànjọ́ àti ìdájí, nítorí náà ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin ti tó fún òru. Kí ẹ tó sùn, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì díẹ̀ dára kí ebi má bàa jí yín. Iyán àti ọbẹ̀ aláta kí ẹ tó dùbúlẹ̀ máa ń mú kí àyà máa jó èèyàn.

Òru mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣe léra wọn, aago 8 alẹ́ sí 8 àárọ̀. Ẹ bá mi tò ó.

Ká ní ọjọ́ Ajé lẹ bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ má jí fún iṣẹ́ ilé. Ẹ sùn títí ojú fi là fúnra rẹ̀. Láti aago 4 sí 5 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ padà sùn. Bí oorun kò bá wá, ẹ dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn náà láìfọwọ́ kan fóònù. Èyí ṣe pàtàkì ju ti ọjọ́ yòókù lọ, torí ẹni tó jí ní aago 6 àárọ̀ Ajé tí kò sùn mọ́, bó bá di aago 8 àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ó ti wà lójúfò fún wákàtí 26. Ẹni tó wà lójúfò fún wákàtí 17 péré ni ìwádìí ti fi hàn pé ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ń lọ́ra bíi ti ẹni tó mu ọtí díẹ̀.

Òru Ajé: kọfí ní aago 9 alẹ́ àti aago 1 òru, kó tán síbẹ̀. Bí ẹnìkejì bá wà, ẹ rẹjú fún ìṣẹ́jú 20 ní nǹkan bí aago 3. Ní aago 8 àárọ̀ Ìṣẹ́gun, awò dúdú, ilé, ẹ̀kọ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti wẹ̀ (ó ń jẹ́ kí ooru inú ara jáde), kí ẹ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago 9 ààbọ̀. Bí ẹ bá jí ní aago 2 ààbọ̀, ẹ dìde, ẹ má jà mọ́ oorun. Ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ẹ jẹun, ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ tún sùn láti aago 5 sí 6 ààbọ̀. Ìyẹn á fún yín ní wákàtí 6 ààbọ̀; kò pé tán, ṣùgbọ́n ó sàn ju 4 lọ. Ẹ ṣe bákan náà ní Ọjọ́rú.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Wọ́n á sùn títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́ torí pé iṣẹ́ ti parí, lẹ́yìn náà wọ́n á la ojú títí di aago 3 òru. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ sùn fún wákàtí 3 péré, kí aago jí yín ní ọ̀sán, kí ẹ jáde sínú oòrùn, kí ẹ má rẹjú mọ́, kí ẹ sì sùn ní aago 9 tàbí 10 alẹ́.

Ọlọ́dẹ ni mí, gbogbo òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan ni mò ń sinmi lọ́sẹ̀. Ṣé kí n padà sí oorun alẹ́ lọ́jọ́ náà?

Kì í ṣe pátápátá. Bí ẹ bá ń yí aago ara padà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ní fìdí kalẹ̀ síbì kankan. Ẹ yan wákàtí 4 kan tí ẹ ó máa sùn lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Bí àpẹẹrẹ, lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ sùn láti aago 7 àárọ̀ sí 12 ọ̀sán. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ má tètè sùn lálẹ́: ẹ bá ẹbí jókòó títí di aago 3 òru, kí ẹ wá sùn títí di aago 11 àárọ̀. Aago 7 sí 11 wà nínú méjèèjì, ibẹ̀ ni ara yín á so mọ́.

Bí ó bá di dandan láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí òde láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ kan kò ba ètò náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òru tó tẹ̀ lé e ló máa ń burú jù lọ.

Oríṣi iṣẹ́ mẹ́ta la ń yí ká: àárọ̀, ọ̀sán, òru. Èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Àárọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sán, lẹ́yìn náà òru. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, aago ara máa ń gùn ju wákàtí 24 lọ díẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún un láti pẹ́ sùn ju kó tètè sùn lọ. Bí wọ́n bá tò ó sẹ́yìn, láti òru sí ọ̀sán sí àárọ̀, ara á máa jà. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wákàtí 11 ó kéré tán wà láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì. Nọ́ọ̀sì tó parí iṣẹ́ ọ̀sán ní aago 9 alẹ́, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ ti àárọ̀ ní aago 7, kò ní ju wákàtí 6 oorun lọ bó bá yọ ti ọkọ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ lè gbé lọ bá mátírọ́ọ̀nù ni, torí pé yíyí ètò náà kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Ìlú Ọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ṣé ìmọ̀ràn yìí kan náà ni?

Ìyàtọ̀ wà nínú ìmọ́lẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹfà, oòrùn ti ń yọ kó tó di aago 5 ìdájí, kì í sì í wọ̀ títí aago 9 alẹ́ fi kọjá. Ìgbà yẹn ni awò dúdú àti kọ́tìnnì tó nípọn di dandan. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago 8 àárọ̀, ó sì ti ń wọ̀ kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó sùn títí aago 4 lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìrí oòrùn rárá. Nínú òtútù, ẹ jí ní aago 2, kí ẹ rìn níta fún ìdajì wákàtí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣé oògùn oorun, ọtí tàbí melatonínì lè ràn mí lọ́wọ́?

Ọtí máa ń tètè gbé èèyàn sùn, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ ìdajì tó kẹ́yìn nínú oorun náà sí wẹ́wẹ́, ìdajì tí oorun ọ̀sán kò ní tó tẹ́lẹ̀. Píritóònù tí ọ̀pọ̀ ń lò bí oògùn oorun máa ń pẹ́ lára, títí wọnú iṣẹ́ òru kejì. Àwọn oògùn oorun tó le lè di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, dókítà nìkan ló yẹ kó fi wọ́n síni lọ́wọ́. Tiramádọ́ọ̀lù tí àwọn kan ń lò láti fi la ojú lóru kì í ṣe oògùn tó ń jẹ́ kí ojú là rárá. Ó ń di bárakú, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró.

Melatonínì oníhóró lè fi nǹkan díẹ̀ kún oorun ọ̀sán fún àwọn kan, bí wọ́n bá lò ó kí wọ́n tó sùn. Kò lágbára tó òkùnkùn. Ẹ bi dókítà tàbí afunipoògùn kí ẹ tó fi kún oògùn mìíràn.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí wárápá. Kí ni kí n ṣọ́?

Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé òru lẹ fi ń ṣiṣẹ́, torí “láàárọ̀” tó kọ sára páálí oògùn lè bọ́ sí ìgbà tí ẹ fẹ́ sùn. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀, bí ẹ bá lò ó ní aago 8 àárọ̀, á máa jí yín. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì gbọ́dọ̀ bá dókítà tò ó mọ́ oúnjẹ, torí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù nígbà tí èèyàn ń sùn lọ́sàn-án léwu. Fún ẹni tó ní wárápá, àìsùntó fúnra rẹ̀ lè fa gìrì. Fún un, ẹ̀tọ́ ni láti bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀sán.

Mo ti ṣe gbogbo èyí, oorun kò wá síbẹ̀. Ìgbà wo ni kí n lọ sí ilé ìwòsàn?

Bó bá ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹ kò rí oorun sùn lọ́sàn-án, tàbí tí oorun ń gbé yín lọ lẹ́nu iṣẹ́ bó ti wù kí ẹ sùn tó, ẹ lọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ sínú ìwé: ìgbà tí ẹ dùbúlẹ̀, ìgbà tí ẹ jí, ìgbà tí ẹ jẹ obì tàbí mu kọfí. Ìwé yẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta bí ẹnìkan nílé bá sọ pé ẹ ń hanrun gan-an, pé èémí yín máa ń dáwọ́ dúró kí ẹ tó mí kanlẹ̀. Àìsàn mìíràn nìyẹn, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì sí oorun tó lè tó ẹni tó ní i. Bí ẹ bá sì ti tòògbé lórí ọ̀kadà tàbí nídìí ọkọ̀ rí, kódà ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ọjọ́ náà lọ ẹ wọ danfó lọ sílé, tàbí kí ẹ rẹjú fún ìṣẹ́jú 20 níbi iṣẹ́ kí ẹ tó gbéra.